Kílò 9 láàárín ọ̀sẹ̀ 8 lórí pirẹdinisolóònù: ṣé òògùn ni, àbí ọ̀nà ọ̀fun mi?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó
Ẹ kú ilé o. Lúpọ́ọ̀sì ni wọ́n ní ó ń ṣe mí, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà. Wọ́n fi mí sórí pirẹdinisolóònù, hóró 8 lójúmọ́, hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 5. Oríkèé ara tó ń ro mí ti fúyẹ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ 8 mo ti fi kílò 9 kún, ojú mi ti yí rìbìtì, bùbá mi kankan ò gba ọrùn mi mọ́. Ọkọ mi ní oúnjẹ ni mò ń jẹ jù. Ṣé òun ló jàre ni, àbí òògùn? Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ dá a dúró pátápátá.

Gbénró
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Omi ni gbogbo ẹ̀. Siteróìdì ni pirẹdinisolóònù yẹn, siteróìdì kì í sì í jẹ́ kí iyọ̀ jáde lára, ibi tí iyọ̀ bá sì jókòó sí, omi á wá bá a níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lò ó nígbà tí kíndìnrín ń dà á láàmú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí òpó ilé. Wọ́n fún un ní òògùn tó ń mú ni tọ̀, kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí bàtà fi wọ̀ ọ́. Lọ sí kẹ́míìsì, ra fúrósẹmáìdì, lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Wàá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Sísí Pẹ́lẹ́ńgẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òògùn yẹn? Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó mi, gbogbo ohun tí mò ń jẹ kì í hàn lára mi. Kílò 9 ní ọ̀sẹ̀ 8 ni mò ń wá kiri.

Ìyá Fèyí
Sísí, ṣé o ka ohun tí obìnrin yìí kọ ṣá? Ẹkún ló ń sun, ìwọ ń bi í pé èló ni.

Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, má dáwọ́ dúró lọ́jọ́ Ajé. Àbúrò mi obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló ti wà lórí ẹ̀, ẹnì kan nínú ìjọ wá sọ fún un pé kó jáwọ́, kó máa mu omi ewúro. Lọ́jọ́ kẹta, àárẹ̀ mú un débi pé kò lè gbé kẹ́tù. Lọ́jọ́ karùn-ún ó ń bì, tó bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òòyì á gbé e padà. A rò pé ibà ni. A fún un lóògùn ibà! Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tá a gbé e lọ náà tọ́jú ibà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ilé ìwòsàn kejì ló béèrè pé, “Òògùn wo ló ń lò tẹ́lẹ̀?” Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀ báyìí, wọ́n sáré gbé abẹ́rẹ́ wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ó ti ń béèrè ẹ̀kọ.

Bàbá Apòògùn
Ohun tí Ìyá Fèyí sọ yìí ni kí Àbẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ tèmi. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi dúró lẹ́yìn káńtà fámásì, mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ohun kékeré kan wà tó jókòó bíi fìlà. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù tí ara fi ń dìde ní àárọ̀, tó fi ń gbé ìfúnpá dúró, tó fi ń fara da àìsàn. Ohun tó ń ṣe lóòjọ́, bí a bá fi pirẹdinisolóònù wọ̀n ọ́n, kò ju bíi hóró kan lọ, ìyẹn mílí 5. Àbẹ̀kẹ́ ń gbé 8 mì. Ẹni tí wọ́n ń gbé omi tanki wá bá lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, ṣé yóò tún máa gbẹ́ kànga? Fìlà yẹn sùn lọ ni. Bí lílo òògùn bá ti kọjá bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a kì í dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, nítorí kànga ti dí. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó sì lè gba oṣù kó tó sun omi. Tanki ò wá mọ́, kànga ò tíì sun: ohun tó gbé àbúrò Ìyá Fèyí ṣubú nìyẹn.

Nípa ti Gbénró. O gba ìdajì. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ara ẹ̀gbọ́n rẹ, àìsàn kíndìnrín fúnra rẹ̀ ló fà á, kì í ṣe òògùn. Fúrósẹmáìdì sì máa ń kó pòtásíọ́mù, èròjà tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, jáde, siteróìdì náà ń kó o jáde. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń kó o láìsí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹsẹ̀ á máa há, ọkàn á máa lù gìrì-gìrì. A kì í rà á fúnra wa fún ọ̀rọ̀ yìí.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ fún mi ní nǹkan mẹ́rin. Ìwọ̀n yín láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá ní in. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ egungun iwájú ojúgun yín fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sọ bó ṣe rí nígbà tí ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Aago mélòó lẹ ń lo òògùn? Kí lẹ sì ń jẹ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́? Ẹ má fi ojú tì mí.

Gbénró
Ẹ ṣeun, sà. Mi ò mọ ti pòtásíọ́mù yẹn. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní omi pọ̀ níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó
Ẹ ṣé o, bàbá. Ìwé kílíníìkì àti sìkéèlì àǹtí mi ni mo fi ṣírò o. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, 68. Ìparí ọ̀sẹ̀ kìíní, 70.5. Ọ̀sẹ̀ kejì, 71. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 73. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, 77.

Mo tẹ ojúgun. Láàárọ̀ kò sí nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ ibẹ̀ jìn díẹ̀, ó sì padà kí n tó ka márùn-ún.

Òògùn: hóró 4 láàárọ̀, hóró 4 lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kẹ́míìsì tí mo ti rà á ṣe kọ ọ́ sára páálí.

Oúnjẹ alẹ́... ó dáa, mo máa sọ. Mi ò kì í rí oorun sùn. Aago méjì òru, ebi á pa mí bí ẹni tó gba ààwẹ̀. Kì í ṣe ẹnu dídùn o, ebi ni, ikùn mi á máa hó. Mo máa ń ro èbà, màá fi ẹ̀gúsí tó kù jẹ ẹ́ ní ìdúró ní kíṣìnnì kí ọkọ mi má baà gbọ́. Ó ń gbọ́.

Bàbá Apòògùn
Ó ń gbọ́! Ẹ dákun, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ lọ wo ìwé tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ, kì í ṣe páálí kẹ́míìsì. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó
Mo ti rí i. “Mílí 40 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní àárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ.” Èèmọ̀ rèé.

Bàbá Apòògùn
Mo fura. Ọmọ kẹ́míìsì rò pé hóró 8 pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, ó pín in sí méjì, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Kọ́tísọ́ọ̀lù ti ara ẹni máa ń ga láàárọ̀ kùtùkùtù, á sì lọ sílẹ̀ lálẹ́ kí oorun lè wá. Ẹni tó bá gbé mílí 20 mì lálẹ́ ti sọ fún ara rẹ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Oorun á sá, ebi á jí, èbà á tẹ̀ lé e. Ẹ pe kílíníìkì lọ́la, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún yín bí ẹ ó ṣe kó gbogbo rẹ̀ padà sí àárọ̀. Iye rẹ̀ lóòjọ́ ò yí padà o. Aago ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ìwọ̀n yín, torí òun gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kílò 2.5. Kí ènìyàn tó ki kílò ọ̀rá kan sára, ó ní láti jẹ bíi kálórì 7,700 ju èyí tí ara ń jó lọ. Kílò 2.5 nìyẹn jẹ́ 19,000 àti díẹ̀. Ẹ pín in sí ọjọ́ méje: ju 2,700 lọ lóòjọ́, lórí oúnjẹ tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ó kọjá oúnjẹ ọjọ́ kan gbáko fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹ ò jẹ ẹ́. Omi àti iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ti ọ̀sẹ̀ yẹn, Gbénró jàre níbẹ̀.

Láti ìgbà náà dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, 6.5 ní ọ̀sẹ̀ méje. Ó kù díẹ̀ kó pé kílò kan lọ́sẹ̀, ìyẹn bíi kálórì 1,000 lóòjọ́. Ìdì èbà ńlá kan pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ní aago méjì òru fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye yẹn. Ojúgun tí kò jìn láàárọ̀ náà jẹ́rìí sí i pé omi kọ́ ni èyí. Nítorí náà ọkọ yín rí ohun tó rí, ẹ jẹun. Ṣùgbọ́n òògùn ló gbé ìkòkò kaná. Ebi tí siteróìdì ń fà kì í ṣe wọ̀bìà. Inú ọpọlọ níbi tí a ti ń mọ̀ pé a ti yó ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Fèyí
Ẹ jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kámù
Ẹ kú ìkàlẹ̀. Èmi ò lo siteróìdì, òògùn ìsoríkọ́ ni tèmi, ṣùgbọ́n èbà aago méjì òru yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Tèmi jẹ́ bisikíìtì. Páálí kan gbáko, aago mọ́kànlá alẹ́, ní wákàtí kan lẹ́yìn tí mo bá gbé mításápíìnì mì. Èmi tí mi ò fẹ́ràn ohun dídùn láti kékeré.

Ìwọ̀n tèmi rèé, torí Bàbá Apòògùn fẹ́ràn ìṣirò. Kí àìsàn tó dé, 84. Nígbà tí ìsoríkọ́ mú mi, oúnjẹ dà bí iyanrìn lẹ́nu mi, mo wálẹ̀ dé 75. Oṣù méje lórí mításápíìnì, 93. Dókítà mi níbí kọ ọ́ sínú fáìlì pé mo fi kílò 18 kún. Mo ní rárá, 9 ni, torí 9 àkọ́kọ́ jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀, mo kàn gbà á padà ni. A ti jọ jiyàn lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni ẹ̀yin wí, sà?

Bàbá Apòògùn
Ẹ̀yin méjèèjì ń ka ìwé kan náà láti ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ara tó bọ́ lọ́wọ́ ìsoríkọ́ máa ń gba ẹran ara rẹ̀ padà, òògùn èyíkéyìí tó bá mú un sàn lè fà á. Ibi tí 9 àkọ́kọ́ parí sí àti ibi tí 9 ti òògùn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí sìkéèlì tó lè pààlà rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé bisikíìtì kì í ṣe tìrẹ. Mításápíìnì máa ń dí ẹnu ọ̀nà tí hísítámíìnì, ohun tó ń jẹ́ kí ojú ẹni là, ń gbà, ìdí nìyẹn tó fi ń kun ni lóorun; ó tún ń dí ibòmíràn tó yẹ kó sọ fún ọ pé “ó tó.” Nínú àwọn òògùn ìsoríkọ́ tí wọ́n ń lò jù, òun wà lára àwọn tó ń fi ẹran kún ni jù. Amitiripitilíìnì àti párósẹ́tíìnì náà ń ṣe é. Sẹtiralíìnì kì í tó bẹ́ẹ̀. Fuluọ́sẹ́tíìnì tiẹ̀ lè mú àwọn kan fọn díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, kí ìwọ̀n wọn tó padà wá.

Ṣé wọn ò fi ìyípadà òògùn lọ̀ ọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kámù
Wọ́n fi lọ̀ mí. Mo kọ̀. Oṣù mẹ́tàlá ni mi ò fi sùn, sà. Òògùn yìí ló mú oorun padà. Mo ra ṣòkòtò tuntun mẹ́ta, mo bá tèmi lọ. Ohun tí mo yí padà ni pé mi ò kó bisikíìtì wọlé mọ́. Bí ebi bá dé ní mọ́kànlá, ẹyin sísè méjì àti kùkúḿbà ló wà nílé. Oṣù méjì rèé, 93 ni mo ṣì wà. Kò wálẹ̀, kò gòkè.

Ìyá Fèyí
Ẹ máà bínú o, kí ènìyàn máa sanra nítorí oorun? Kò sí àgùnmu tí ń mú ni sùn ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kámù
Àǹtí, ẹni tí kò tíì dùbúlẹ̀ kó máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì láti aago méjìlá títí di márùn-ún kò lè mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá Ìlọrin
Ẹ dákun, ẹ tún orúkọ kejì yẹn pè. Amitiripitilíìnì kẹ̀? Òun ni wọ́n fún mi fún ẹsẹ̀ tó ń jó mi bí iná, ti àtọ̀gbẹ. Mílí 25 lálẹ́. Ṣé wọ́n ń rò pé mo ní ìsoríkọ́ ni? Mo sì ti fi kílò 4 kún láti ọdún tó kọjá.

Bàbá Apòògùn
Rárá, màmá. Òògùn kan náà ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ń ṣe fún yín. Ó máa ń dá ariwo tí iṣan ẹsẹ̀ ń pa dúró, ìwọ̀n kékeré ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mílí 25 kò wọ́pọ̀ kó fi ẹran púpọ̀ kún ènìyàn. Kí lẹ ń lò fún ṣúgà gan-an? Bí ó bá jẹ́ gilibẹ́nkilamáìdì tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ni, èmi á kọ́kọ́ bi àwọn yẹn léèrè kílò 4 náà. Ẹ kó gbogbo òògùn yín sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà yín.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ṣúgà kan ẹ̀yin náà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín lódì, tí ẹ sì ń tọ̀ léraléra lóru, ẹ má ṣe sọ pé mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀, kò sí nǹkan kan. Siteróìdì tí a gbé mì láàárọ̀ máa ń ti ṣúgà sókè láti ọ̀sán lọ sí alẹ́. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ó lè ti wálẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kí ẹ tó jẹun má sọ òtítọ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án.

Ẹ tún ṣe èyí fún mi: ẹ jókòó sórí àga lásán, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Ṣé ó ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó
Ó ṣòro. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà jókòó. Mo sì rò pé ara tó wúwo ló fà á. Nǹkan mìíràn tún rèé: ojú, ẹ̀yìn ọrùn àti ikùn ló sanra. Apá mi tín-ín-rín. Aago ọwọ́ tí mo fún ní ihò tuntun ṣáájú àìsàn, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi báyìí.

Bàbá Apòògùn
Bí siteróìdì ṣe ń pín in nìyẹn. Ó ń kó ọ̀rá lọ sí ojú, sí ẹ̀yìn ọrùn, sí ikùn, ó sì ń jẹ ẹran itan àti apá. Haafi Kúṣìn, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí irú ara báyìí ní 1932, lára àwọn tí ara wọn fúnra rẹ̀ ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù jù. Ó kù bí ọdún 16 kí wọ́n tó kọ́kọ́ fún aláàrùn oríkèé ní kọ́tísóònù, ọmọ ìyá kọ́tísọ́ọ̀lù, bí òògùn. Ìwọ̀n 9 tí sìkéèlì ń sọ fún yín kò wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀, torí ẹran tó ń dín kù ń fi ọ̀rá tó ń pọ̀ sí i pamọ́. Ẹ sọ ti àga yẹn fún dókítà ní kílíníìkì. Ẹ má gbàgbé.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Mi ò ní sọ pé kí ẹ fara da ebi, ebi yìí kì í ṣe èyí tí a ń fara dà. Ohun tí ó bá máa yó yín kó pẹ́ ni kí ẹ fi sí ìtòsí: mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà rírò, ẹja, ẹyin. Wọ́n tún ń fún ẹran itan tó ń jò ní nǹkan tó lè fi tún ara kọ́. Kí èbà wà ní ọ̀sán, kó má ju ẹ̀ṣẹ́ yín lọ. Ibi tí iyọ̀ fi ara pamọ́ sí jù ni mágí àti núdù oníṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ dín wọn kù, ojúgun ìrọ̀lẹ́ yẹn á sọ fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rin ìrìn, ẹ máa ṣe ti àga yẹn bíi mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, bí oríkèé bá gbà. Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀ àkọ́kọ́.

Ojú rìbìtì yẹn, ẹ má retí pé á tètè lọ. Níwọ̀n ìgbà tí òògùn bá wà ní mílí 40, kò sí oúnjẹ tó lè mú un lọ. Bí òògùn bá ti wálẹ̀ gan-an ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú, díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù púpọ̀.

Ìyá Fèyí
Fèyí mi ń fín òògùn ásímà, èyí tí ike rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n ní siteróìdì ni. Ọmọ ọdún méje ni o. Ṣé òun náà máa wú?

Bàbá Apòògùn
Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti inú hóró. Wíwú bí èyí kì í ṣe ohun tí a máa ń rí pẹ̀lú ẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n ń fún ọmọdé. Kó fi omi yọ ẹnu dànù tó bá fín in tán, kí funfun má baà hù sí ahọ́n rẹ̀. Má dá a dúró.

Sísí Pẹ́lẹ́ńgẹ́
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin Bàbá Apòògùn, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má bú mi.

Obìnrin kan lọ́jà ń ta òògùn ìsanra fún mi nínú ọ̀rá kékeré. Oríṣi méjì ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan ló ń mú mi sùn, tó ń mú ebi pa mí. Èkejì kéré bí orí abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, ó funfun, mẹ́rin ni mò ń lò lójúmọ́. Ó pè é ní dẹ́kísà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé. Kò hàn lára mi yàtọ̀ sí ojú, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá èyí tó le jù ú lọ. Ní báyìí mo ti da ọ̀rá náà sínú páànù ìdọ̀tí.

Bàbá Apòògùn
Sísí, gbé e jáde nínú páànù ìdọ̀tí.

Mi ò bú ọ. Dẹ́kísà ni dẹkisamẹtasóònù, ọmọ ìyá pirẹdinisolóònù ni, ó kàn le ní ìlọ́po púpọ̀. Hóró kékeré tí wọ́n ń tà kiri sábà máa ń jẹ́ ìdajì mílí. Mẹ́rin jẹ́ mílí 2. Mílí 0.75 rẹ̀ tó mílí 5 ti Àbẹ̀kẹ́. Nítorí náà mílí 2 ń ṣe iṣẹ́ bíi mílí 13 pirẹdinisolóònù. Ó lé ní ìlọ́po méjì ohun tí ara rẹ ń ṣe lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kànga tìrẹ náà lè ti dí. Èyí tó ń mú ọ sùn yẹn, ó jọ pé sáípírohẹpitadíìnì ni; òun kò ní kí kànga dí, ṣùgbọ́n má fi ojú inú mọ̀ ọ́n, àti èmi pẹ̀lú.

Má ṣe dá èyí tó kéré yẹn dúró lójijì. Gbé ọ̀rá náà bó ṣe wà, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, kí o sọ iye àti ọjọ́ tí o ti ń lò ó. Bí èébì bá dé, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ bí o bá dìde, má dúró di ọ̀la.

Ìyá Fèyí
Ọmọ mi, lọ o. Bí o bá dé bẹ̀, sọ ọ́ bó ṣe rí, má sọ pé fítámì ni.

Gbénró
Mo ti pa ọ̀rọ̀ fúrósẹmáìdì mi rẹ́ nínú ọkàn mi. Ẹ bá mi pa á rẹ́ lókè náà.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Àdó
*(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)*
Mo padà dé o. Wọ́n ní òótọ́ ni, àárọ̀ ni gbogbo hóró 8 yẹ kó wà. Mo kó o síbẹ̀. Alẹ́ kẹrin ni mo sùn mọ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti àga. Dókítà ní kí n ṣe é lójú òun, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì fi háídírọ́síkilórókúìnì kún òògùn mi kí a lè máa rí àyè dín siteróìdì kù. Mo wà ní 35 báyìí, màá lọ sí 30 ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bí oríkèé kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ó ní tí a bá ti dé 10, ìrìn ìgbín la máa rìn, mílí kan kan.

Sìkéèlì: 75.6. Ojú ò kúrò níbi tó wà. Ọkọ mi ló ń se mọ́ínmọ́ín báyìí, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ewé, nínú agolo ló ń sè é. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: ó ń gbé iyọ̀ díẹ̀ sí i, mágí rárá. Ṣé ìyẹn náà dára?

Bàbá Apòògùn
Iyọ̀ díẹ̀ dára, kó má kàn jẹ́ ọwọ́ ọkọ ló ń wọn “díẹ̀.” Kó fi ìdajì ṣíbí kékeré wọn ti gbogbo ìkòkò.

Sísí dà?

Sísí Pẹ́lẹ́ńgẹ́
Mo wà o, sà. Mo gbé ọ̀rá náà lọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n ní kọ́tísọ́ọ̀lù mi lọ sílẹ̀. Wọ́n gba dẹ́kísà lọ́wọ́ mi, wọ́n wá kọ òògùn mìíràn fún mi tí màá máa fi dín in kù, hóró 2 láàárọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tó di ọ̀kan. Pirẹdinisolóònù ni. Mo ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí.